Ìdí Tí Aláìsàn Kì í Fi Í Jẹun Kí Wọ́n Tó Kùn Ún Lóorun

Ẹni tí wọ́n bá dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà tàbí ní Ìkẹjà máa gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì pé kò gbọdọ̀ jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èrò máa ń pọ̀, kì í sì í sábà sí àyè láti ṣàlàyé ìdí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń wọlé.

Ọ̀fun kan náà ni oúnjẹ àti èémí jọ ń gbà kí wọ́n tó pínyà. Ara wa ló ń ṣọ́ oríta yẹn tọ̀sán-tòru. Bí omi díẹ̀ bá ṣèèṣì yà sọ́nà èémí, ikọ́ á gbé e jáde kíá, kódà lójú oorun. Oògùn akunilóorun ń dá ikọ́ yẹn dúró, ó sì ń mú kí ẹnu ikùn, tó máa ń pa dé, dẹ̀. Bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn, ó lè rọra gòkè wá, kó sì ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró láìsí ikọ́ tó máa dá a padà. Omi kíkan inú ikùn á jó ẹ̀dọ̀fóró, èérún oúnjẹ á dí i, ẹni tó yẹ kó lọ sílé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ sì lè di ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tó ń tajà ní Bálógun, tí wọ́n fẹ́ bá yọ gẹ̀gẹ̀ ní aago 9 àárọ̀. Ó jẹ ẹ̀bà àti ẹ̀gúsí ẹlẹ́ran ní aago 8 alẹ́. Kò séwu níbẹ̀, torí oúnjẹ ọlọ́ràá àti ẹran ń fẹ́ wákàtí 8, tirẹ̀ sì ti lé ní 12. Ó fi omi díẹ̀ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ní kó lò ní aago 6. Ìyẹn náà dára, wákàtí 2 tó fún omi lásán. Ṣùgbọ́n ní aago 6 ààbọ̀, àbúrò rẹ̀ ṣàánú rẹ̀, ó gbé ògì àti àkàrà wá. Ká ní ògì nìkan ló mu, wákàtí 6 ni wọn ì bá dúró, ìyẹn di aago 12 ààbọ̀ ọ̀sán. Àkàrà tí wọ́n fi òróró dín ló sún un di aago 2 ààbọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n sún un di ọjọ́ mìíràn. Obì àti orógbó náà, oúnjẹ ni wọ́n.

Ààwẹ̀ tí a mọ̀ lè ṣi èèyàn lọ́nà níbí. Ẹni tó jẹ sààrì ní aago 5 ṣì lóúnjẹ nínú ikùn ní aago 9. Ẹni tó sì ń gbààwẹ̀ láìmu omi rárá látàná lè máa fìyà jẹ ara rẹ̀ lásán, ó yẹ kó bi dókítà akunilóorun léèrè ìgbà tó lè mu omi mọ. Oúnjẹ kì í tètè kúrò nínú ikùn aláboyún tó ń rọbí àti àwọn alátọ̀gbẹ kan, nítorí náà ohun tí dókítà bá sọ fún wọn ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Kí alátọ̀gbẹ béèrè nípa oògùn rẹ̀ ṣáájú, torí oògùn tó ń lé ṣúgà wálẹ̀ léwu lórí ikùn òfìfo.

Ohun tó burú jù ni pé kéèyàn jẹun, kó sì fi pa mọ́ torí kí wọ́n má bàa sún ọjọ́ rẹ̀. Bí ó bá sọ, àkókò nìkan ló pàdánù. Kó sọ nípa àgbo tó ń mu náà, torí òmíràn ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù.

Ní tíátà, wọ́n á fi ike bo imú àti ẹnu ìyá yìí kó lè mí ọ́síjìn sínú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3. Wọ́n á gbé nǹkan kékeré tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há a níka. Oògùn tí wọ́n sábà ń lò funfun bíi wàrà, ó sì lè ta á lápá díẹ̀ bó ṣe ń wọ iṣan. Láàárín ìṣẹ́jú kan kò ní mọ nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fún un ní oògùn tó ń mú iṣan ara rọ̀, wọ́n á ki rọ́bà sọ́nà èémí rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa mí fún un.

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé àwọn lè má jí. Ewu kan kì í ṣe àìsí, pàápàá fún ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àmọ́ oògùn funfun yẹn kì í pẹ́ lára: ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n fún un, ipá rẹ̀ á ti lọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Kí ó lè máa sùn, wọ́n gbọ́dọ̀ máa fún un ní oògùn tàbí gáàsì láìdáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá dá a dúró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ kúrò fúnra rẹ̀. Akunilóorun kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń wo èémí, ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Wọ́n á yọ rọ́bà náà nígbà tó bá ti ń mí fúnra rẹ̀ dáadáa, tó sì ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè é. Ọ̀fun rẹ̀ lè máa dùn ún, otútù sì lè mú un. Bí èébì bá ń gbé e, kó tètè sọ fún nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ wà fún un.