Ọwọ́ Òsì Ló Ń Sọ̀rọ̀

Níbi ìgbéyàwó kan tí a lọ lù nítòsí Kàbà, bàbá kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fi gángan kí i. Bàbá dúró, ó wo ìlù, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Ṣé mo ṣì wà lórí igi ni?" Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ọmọ náà rò pé "Ẹ káàbọ̀" lòun lù, "Ẹ wálẹ̀" ni ìlù sọ.

Ẹ jẹ́ ká tú àṣìṣe yẹn wò. Ìlù kò ní ètè, kò ní ahọ́n. Kò lè pe "k", kò lè pe "b", kò sì mọ "a" yàtọ̀ sí "ọ". Ohùn nìkan ló lè mú nínú ọ̀rọ̀ wa: dò, re, mí. Ọwọ́ ọ̀tún tó mú kọ̀ǹgọ́ ń sọ ìgbà tí ohùn yóò bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì tó wà lára ọṣán ló ń sọ irú ohùn tó jẹ́. Ọṣán ni àwọn okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀ láti etí dé etí. Bí o bá fún un mọ́ra níbi tí igi ìlù ti tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, yóò fa awọ ojú ìlù le. Awọ tó le máa ń gbọ̀n kíákíá, ohùn rẹ̀ á sì lọ sókè. Bí o bá tú u sílẹ̀, awọ á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀.

Ó dà bíi pé ó rọrùn: má fún un rárá fún dò, fún un dáadáa fún mí. Re ló le jù. Ohùn ìsàlẹ̀ ní ibi ìsinmi, ohùn òkè ní ibi tí ọwọ́ kò lè kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dá ọwọ́ dúró ní àárín àfi etí onílù. Nǹkan mìíràn ni pé ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ ti dé ibi tó ń lọ kí kọ̀ǹgọ́ tó balẹ̀. Bí o bá lu ìlù tán kí o tó fún ọṣán, a óò gbọ́ bí ohùn ṣe ń gòkè, "wá" á wá dàbí "wàá".

Ẹ padà sí "Ẹ káàbọ̀" báyìí. Bí a bá kà á, re, mí, dò, dò ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara yín: "káà" kì í já, ẹnu kì í dúró láàárín rẹ̀, ohùn kàn ń yọ́ bọ̀ láti òkè ni. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ni onílù tó mọ̀ ọ́n máa ń lù ú. Á fún ọṣán dé ìdajì, á lu "Ẹ". Á fún un dáadáa, á lu "ká", kò ní lù mọ́, á máa tú ọwọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí awọ ṣe ń dún lọ. Ìyọ́ yẹn ni "à". Lẹ́yìn náà ni yóò lu "bọ̀" pẹ̀lú ọwọ́ dídẹ̀. Ọmọ mi tú ọwọ́ lójijì, kò fún ìyọ́ náà ní àkókò tirẹ̀. Ohun tó kù ni re, mí, dò: "Ẹ wálẹ̀."

Àwọn kan á ní kí a lù ú lẹ́ẹ̀mẹrin kó lè dájú. Wọ́n á gbọ́ ọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ọmọ iléèwé tó ń fi ìka tọ lẹ́tà kà ló máa ń dún.

Kódà bí ọwọ́ bá pé, ìlù kò lè dá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó yé èèyàn. Lu re, re: ṣé ọmọ ni, àbí aṣọ, àbí ọkọ, àbí igba? Ìdí nìyẹn tí onílù fi ń lo oríkì, òwe àti ìkíni tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ní kánjú gé e kúrú.

Ojú ọjọ́ náà ní ọwọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, awọ máa ń gbẹ, dò á ti gòkè kí o tó fọwọ́ kàn án. Bí o bá fi re rẹ sí ibi tó wà lánàá, yóò súnmọ́ dò jù, a kò ní mọ wọ́n yàtọ̀. Gbé re náà sókè díẹ̀, nítorí àlàfo tó wà láàárín ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni etí ń gbọ́. Nígbà òjò, awọ á dẹ̀, fífún kò ní mú mí jáde dáadáa. Ẹ yá a sí oòrùn díẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù kó má bàa ya.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, mo gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo ní kó pa ẹnu dé, kó máa fi imú kùn "Ẹ káàbọ̀", kí ọwọ́ òsì máa tẹ̀lé e lára ọṣán. Nígbà tí bàbá náà ń gun ọ̀kadà padà sílé, mo dá kọ̀ǹgọ́ padà fún ọmọ mi. "Ó dàbọ̀" ló lù: mí, dò, dò, láìsí "káà" kankan tó gùn láàárín. Bàbá yíjú padà, ó ní, "Ìyẹn ni mo gbọ́."