Òrùlé kan, iye mẹ́ta: páànù mélòó gan-an ni ilé yín máa gbà?

Láti oṣù Òkúdu 2023 tí ìjọba ti ní kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, owó páànù kì í jí síbi tó sùn. Àwọn tó ń kọ́lé wá ń gba iye lọ́wọ́ ẹni méjì mẹ́ta kí wọ́n tó sanwó, ibẹ̀ sì ni orí ti ń dàrú. Ilé kan ni mo fẹ́ fi dáhùn gbogbo ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Láti ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù, ó jẹ́ mítà 8.4 níbùú, mítà 12 lóòró. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ apá méjì, ó sì yọ kọjá ògiri ní mítà 0.6 yí ká.

Káfíńtà ní mítà onígun mẹ́rin 101. Ẹni tó ń ta páànù ní 137. Ẹlòmíì tó ń tà á ní 176. Ta ló ń purọ́?

Kò sí. Káfíńtà wọn ilẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ wọn òrùlé, ẹni kejì wọn páànù kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Káfíńtà nìkan ni mo lè bá wí, nítorí òjò kì í rọ̀ sí pálọ̀.

Bí mo bá fi ibi tó yọ síta kún ìbú àti òòró, ṣé kò ní tó?

Kò ní tó. Ìbú á di 9.6, òòró á di 13.2, ẹ ó sì rí 126.7. Òjìji òrùlé nìyẹn, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Páànù ń gun òkè lọ sí góńgó, òjìji rẹ̀ kì í gùn ún.

Báwo la ṣe wá ń rí 137?

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tí ẹ ti lè rí góńgó òrùlé. Ẹ wò ó bíi pé ẹ so okùn kan láti góńgó yẹn wálẹ̀ ṣánṣán. Okùn náà pín òrùlé sí méjì, ìdajì kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan dùbúlẹ̀, ọ̀kan dúró, ọ̀kan dagẹ̀rẹ̀. Orí èyí tó dagẹ̀rẹ̀ ni páànù ń sùn sí, òun la ń wá. Èyí tó dùbúlẹ̀ jẹ́ ìdajì 9.6, ìyẹn 4.8. Èyí tó dúró, ìyẹn gíga, jẹ́ mítà 2. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà ara rẹ̀, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá tẹ √ lórí fóònù:

```
4.8 × 4.8 = 23.04
2.0 × 2.0 = 4.00
√27.04 = 5.2
5.2 × 13.2 × 2 = 137.28
```

Páítágórásì tí wọ́n fi dá wa lóró ní sẹ́kọ́ńdìrì náà nìyí. Ó ti dé orí ilé.

Níbo gan-an ni wọ́n ti ń wọn gíga yẹn?

Ibí yìí ni mo ti rí i tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń ṣì í, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra kà á. Ibi méjì ni èèyàn lè ti wọ̀n ọ́n, ìkọ̀ọ̀kan sì ní ìdajì ìbú tirẹ̀.

Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti orí ògiri dé góńgó, ilé wa yìí á fún yín ní 1.75. Ìdajì ìbú tó bá a lọ ni ti ògiri sí ògiri, ìyẹn 4.2. Gígùn tó dagẹ̀rẹ̀ á jẹ́ 4.55, ẹ ó sì fi 0.65 kún un fún ibi tó yọ síta, torí pé òun náà dagẹ̀rẹ̀. Ó di 5.2. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ibi tí etí òrùlé parí sí, gíga á jẹ́ 2, ìdajì ìbú á sì jẹ́ 4.8. 5.2 náà ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n mú gíga láti orí ògiri, kí wọ́n mú ìbú láti etí òrùlé. 1.75 àti 4.8 máa fún yín ní 5.11. Gbogbo páànù á fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án kúrú, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí wọ́n á fi gbé e gòkè.

Òrùlé tèmi jẹ́ apá mẹ́rin. Ṣé ìyẹn kò dín kù?

Kò dín, kò lé, bí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dagẹ̀rẹ̀ bákan náà, tí etí rẹ̀ sì wà níbi kan náà. Ó ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Àmọ́ òjìji méjèèjì dọ́gba, ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà ló sì ń na gbogbo ibẹ̀, torí náà 137.28 náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni àgékù. Níbi tí apá méjì ti pàdé, wọ́n máa gé páànù ní ìdagẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n gé kúrò kì í sì í sábà bá ibòmíràn mu. Èmi máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un.

176 wá ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ní páànù alumí gígùn fẹ̀ tó mítà 1.2 kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́, tó sì wá bo mítà 1 péré nígbà tó ti ní ìlà, tí wọ́n sì ti fi èkíní gun èkejì. Òòró 13.2 á gba mẹ́rìnlá ní apá kan, méjìdínlọ́gbọ̀n lápapọ̀. Bí gígùn ìkọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 5.25 kó lè yọ díẹ̀ sínú ọ̀pá tó ń gba omi òjò ní etí òrùlé, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 147. Ẹ fi 1.2 lọ́nà rẹ̀, ó di 176.4. Torí náà, kí ẹ tó bi wọ́n pé èló ni mítà kan, ẹ bi wọ́n pé ìbú wo ni wọ́n ń kà. Èyí tó pe owó kékeré lè jẹ́ òun ló wọ́n jù.

Mo fẹ́ kí tèmi ga bíi ti aládùúgbò mi.

Bí gíga bá di 3.6, gígùn tó dagẹ̀rẹ̀ á di 6, òrùlé á sì di 158.4. Mítà onígun mẹ́rin mọ́kànlélógún ti lé nìyẹn, láìka igi. Ẹ kí aládùúgbò yín fún wa.

Ṣé kí n ti ra á báyìí kí owó tó tún gòkè?

Ẹ san àsansílẹ̀ bí wọ́n bá gbà láti kọ iye owó mítà kan sínú rìsíìtì, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e. Ẹ jẹ́ kí ráftà dúró ná. Kí ẹ wá fi tépù wọ̀n ọ́n láti góńgó dé etí ní ibi mẹ́ta: ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí. Ẹ tún wọn apá kan láti igun sí igun, lọ́nà méjèèjì. Ní ilé yìí, ìkọ̀ọ̀kan yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 14.19. Bí wọn ò bá dọ́gba, òrùlé ti wọ́, káfíńtà ló sì máa kọ́kọ́ tún un ṣe.

Bí páànù bá wá kúrú ńkọ́?

Bí wọ́n bá fà á sísàlẹ̀ kó lè dé etí, góńgó á ṣí. Bí wọ́n bá tì í sókè, omi á máa sọ̀ sára pátákó etí òrùlé, yóò sì jẹra. Ní ilé ìyá mi, wọ́n fà á sísàlẹ̀, wọ́n sì fi ìdérí góńgó bò ó. Ó ku díẹ̀ kó má kárí, òjò tó kọ́kọ́ bá atẹ́gùn wá sì gba ibẹ̀ wọlé. A ra ìdérí tó fẹ̀ jù ú lọ. Àmì omi náà ṣì wà lára àjà pálọ̀, lókè tẹlifíṣọ̀n.