Wọ́n rí nǹkan ṣe sí SS lóòótọ́, àmọ́ kí ni wọ́n ṣe gan-an?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni màmá kan wọ láàbù wa ní Kútọ̀, òun àti ọmọ ẹ̀ obìnrin àti ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò o, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ibi méjì, AS ni ibi méjèèjì bá fún àwọn méjèèjì. Ohun tí màmá bá wá ni pé kí n bá òun fi àwọn ọmọ náà lọ́kàn balẹ̀. "Dókítà, ṣebí wọ́n ti rí oògùn SS lókè òkun? Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Kí ni wọ́n tún wá ń bẹ̀rù?" Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ ẹni tó bá ti wọ kóòtù funfun ní Abẹ́òkúta, dókítà ni, ó ti parí.

Màmá ò parọ́ kankan. Lóṣù kọkànlá ọdún 2023 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú kan fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, Amẹ́ríkà náà fọwọ́ sí i lóṣù tó tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ orúkọ ẹ̀ sórí fóònù, Casgevy ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú ni pé ohun tí màmá rò pé wọ́n ṣe kọ́ ni wọ́n ṣe.

Àdìrẹ ni màmá ń tà n'Ítòkú, torí náà àdìrẹ ni mo fi ṣàlàyé. Ẹ mọ páànù tí wọ́n máa ń gé bátànì sí lára, tí wọ́n á tẹ́ ẹ sórí aṣọ, tí wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún ha á lórí kí wọ́n tó rẹ aṣọ náà sínú aró. Tí ẹni tó gé páànù bá ṣi ọ̀bẹ fà níbì kan péré, gbogbo aṣọ tẹ́ ẹ bá fi páànù yẹn ṣe ló máa ní àléébù yẹn, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún aṣọ. Bí jíìnì ṣe rí nìyẹn. Páànù méjì ni kálukú wa ní fún hímóglóbíìnì, ìyẹn ohun pupa tó ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá. S ni páànù tí ọ̀bẹ ti yẹ̀ lára ẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ṣì o! AS ní ọ̀kan tó dáa, ọ̀kan tó ṣì. SS, méjèèjì ló ṣì. Hímóglóbíìnì S yìí, tó bá ti já atẹ́gùn sílẹ̀ tán, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn gbọọrọ bí ọwọ̀, á wá ti ara ẹ̀jẹ̀ látinú títí á fi tẹ̀ bíi dòjé, á sì há sínú iṣan, ìrora tí gbogbo wa mọ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, èyí tó dùn jù níbẹ̀: a tún ní páànù kan tó yàtọ̀. Inú oyún la ti ń lò ó, F ni wọ́n ń pe èyí tó ń ṣe, kò sì sí àṣìṣe kankan lára ẹ̀, àní lára ọmọ SS. Tí wọ́n bá ti bí ọmọ, ọ̀gá kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì, BCL11A lorúkọ ẹ̀, òun ló máa ń ká páànù ọmọ ọwọ́ yẹn kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ á tì í mọ́lé. Ìdí tí ìyá ọmọ SS fi máa ń sọ nìyẹn pé ara ọmọ òun le koko, àfìgbà tó tó bí oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò sẹ́ni tó ṣe é, páànù tó dáa yẹn ni wọ́n ti gbé pamọ́.

Nítorí náà àwọn tó ṣe ìtọ́jú yìí ò tún páànù S ṣe rárá. Ọ̀gá yẹn ni wọ́n lọ bá. Wọn ò sì pa á o, torí ó níṣẹ́ míì tó ń ṣe fún ara, ńṣe ni wọ́n gé wáyà fóònù tó fi ń pàṣẹ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa nìkan. Sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi gé e ni Kírísípà, wọ́n á so àdírẹ́sì mọ́ ọn kó lè mọ ibi tó máa gé nínú gbogbo ìwé jíìnì tó gùn lọ bẹẹrẹ yẹn. Wáyà gé, àṣẹ ò dé mọ́, páànù ọmọ ọwọ́ jáde padà, F ń pọ̀. Tí F bá ti wà láàárín S, wọn ò lè lẹ̀ mọ́ra bí ọwọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá.

Ibi tí àfiwé mi ti já nìyí o, kí n má tàn yín jẹ. N'Ítòkú ẹ lè ka páànù yín. Nínú ara, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ẹnì kan ò lè máa wọlé lọ gé wọn níkọ̀ọ̀kan. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń fa sẹ́ẹ̀lì orísun, èyí tó ń bí ẹ̀jẹ̀ nínú mùdùnmúdùn egungun, jáde lára aláìsàn, nígbà míì wọ́n á fà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó pọ̀ tó, wọ́n á gbé e lọ láàbù ibi tí wọ́n á ti gé e, ìyẹn lè gba oṣù bíi mélòó kan. Kí wọ́n tó dá a padà, wọ́n á fún aláìsàn ní kímò líle tó máa pa àwọn sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tó kù nínú egungun, kí àwọn tuntun lè ráyè. Irun máa ń já, ẹnu máa ń bó, ó sì lè ṣàkóbá fún ọmọ bíbí. Ẹni náà á wà nílé ìwòsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà títí ẹ̀jẹ̀ tuntun á fi dìde. Nínú àwọn 31 tí wọ́n ti ṣọ́ pẹ́ tó lẹ́yìn ìtọ́jú náà kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i, 29 ló lo oṣù 12 gbáko láìrí ìrora ńlá. Iye tí wọ́n ń tà á l'Ámẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là, ìyẹn ò tíì ka owó ìbùsùn ilé ìwòsàn mọ́ ọn. Màmá ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní "Jésù!"

Mo wá mú bébà tá a fi ń wo jẹ́nótáìpù jáde, èyí tá a ti lò láàárọ̀ ọjọ́ náà. A máa ń kán ẹ̀jẹ̀ tá a ti fọ́ sí ẹ̀bá kan, a á fi iná mànàmáná fà á lórí bébà náà, A ló máa ń sáré jù, S á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, F á wà láàárín wọn. Ẹni tó ti gba ìtọ́jú yìí, tẹ́ ẹ bá kán ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ síbẹ̀, ìlà F tó nípọn lẹ máa rí, pẹ̀lú ìlà S. Kò ní sí A níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí A lára ẹni tó ní Kírísípà ni wọ́n ṣe fún òun, ẹ bi í bóyá wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láìpẹ́ yìí, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ lẹ ń wò yẹn. Àṣìṣe yìí ti kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lóṣù tó kọjá, wọ́n wá yẹ jẹ́nótáìpù, wọ́n ní AS ni.

Ọkùnrin yẹn, tí ò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti wọlé, ló wá béèrè ohun tó yẹ kí màmá béèrè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún, kí ló máa gbé fún ọmọ ẹ̀?"

S ni. Sẹ́ẹ̀lì tó ti inú egungun wá nìkan ni wọ́n gé wáyà ẹ̀, wọn ò dé ibi tí àtọ̀ àti ẹyin wà. Tí ẹni SS tó ti gba ìtọ́jú bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdajì ìdajì ni: kí ọmọ jẹ́ SS tàbí kó jẹ́ AS, AA ò sí níbẹ̀. Ti àwọn méjèèjì tó jókòó síwájú mi yẹn, AS àti AS, ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni SS nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì rò pé tí àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́, oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta ayò tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Màmá mú bébà yẹn lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè síhà wíńdò, ó ń wo ìlà S. Ó ní, "Nítorí náà páànù yẹn ṣì wà nínú ilé." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọmọ ẹ̀ ti ń wolẹ̀.