Kóòdù HMO pẹ́ ní ọjọ́ kan, iṣẹ́ abẹ sún síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní fáíbírọ́ìdì. Dókítà níbí ní Ìbàdàn ti fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó ti gba ààyè níbi iṣẹ́. Nígbà tó ku ọ̀la, wọ́n ní HMO, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera rẹ̀, ò tíì fún àwọn ní kóòdù. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni kóòdù dé, síbẹ̀ wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kóòdù yìí gan-an, báwo sì ni ọjọ́ kan ṣe di ọ̀sẹ̀ méjì?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdúró o, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín.

Kóòdù yẹn ni ẹ̀rí pé HMO ti gbà láti sanwó iṣẹ́ kan pàtó fún ẹni kan pàtó ní ilé ìwòsàn kan pàtó. Ilé ìwòsàn kékeré tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ sí kì í sábà nílò rẹ̀, nítorí HMO ti ń san owó fún wọn lórí olúkúlùkù yín lóṣooṣù, yálà ẹ wá tàbí ẹ ò wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè tọ́jú ibà níbẹ̀ kí ẹ sì máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wọn, tí wọ́n bá kọ ìwé ìtọ́ka sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH tàbí Adéọ̀yọ́, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀ níbẹ̀. HMO á fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ṣe é, àti bóyá ó wà nínú ètò tí ẹ̀yin tàbí ilé iṣẹ́ yín san owó fún. Tí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́. Tí ilé ìwòsàn bá ṣe iṣẹ́ náà láìní kóòdù, ó ṣeé ṣe kí HMO má san án, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa sá fún un.

Ti ọjọ́ kan tó di ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n fi olùkọ́ kan tó ń gbé ní Mọ́lété ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ lè rí bí ó ṣe ń lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù, ni dókítà rí i, ó sì ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 13 ni òun máa yọ fáíbírọ́ìdì náà. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn PCV, jẹ́ 31. Èyí dára, nítorí 30 ni ọ̀pọ̀ dókítà níbí máa ń fẹ́ kí ó tó kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì. Obìnrin yìí lọ sílé, ó rò pé wọ́n ti fi fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè kóòdù ránṣẹ́ sí HMO lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò fi ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì, ó ń dúró de ìbuwọ́lù dókítà, ẹni tí kì í sí ní kílíníìkì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 6 ló tó kúrò nílé ìwòsàn.

Ọjọ́ Ẹtì, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, HMO dáhùn. Wọn ò kọ̀, wọn ò sì gbà. Wọ́n ní síkáànù tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti lé ní oṣù mẹ́fà, àwọn sì fẹ́ tuntun. Wọ́n tún ní àwọn ò rí ìwé ìtọ́ka láti ilé ìwòsàn àkọ́kọ́. Ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ HMO nílé ìwòsàn ti lọ sílé nígbà yẹn. Ọjọ́ Ajé ọjọ́ 10 ló ka ímeèlì náà. Síkáànù tuntun pàápàá ní kóòdù tirẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ṣe é, Ọjọ́rú ni èsì àti ìwé ìtọ́ka tó dé ọ̀dọ̀ HMO, kóòdù sì jáde ní agogo méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 13.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń ti orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún pa. Ó nídìí. Dókítà tó máa kùn ún lóorun gbọ́dọ̀ wá wò ó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bánkì ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n fi wá èyí tó bá a mu sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ fún un ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ jẹun mọ́. Dókítà tirẹ̀ kò sì ní tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, lójoojúmọ́, Ọjọ́bọ̀ nìkan ni tirẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 20, àwọn ẹlòmíràn ti gba gbogbo ààyè. Ó di ọjọ́ 27.

Ẹ rí i pé HMO ò fi ọjọ́ mẹ́rìnlá kún un. Wákàtí mélòó kan ni kóòdù fi pẹ́, àmọ́ tíátà kì í ka wákàtí. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń kà.

Ibi tó máa ń dùn mí jù ni ohun tó tẹ̀ lé e. Fáíbírọ́ìdì tó ń mú kí nǹkan oṣù obìnrin pọ̀ kò ní dúró de kóòdù. Nǹkan oṣù olùkọ́ yìí dé ní ọjọ́ 18, ó sì ya gidi. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọjọ́ 25, PCV ti di 26. Dókítà kọ̀, ó sì tọ́ kó kọ̀, nítorí iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì lè mú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lọ. Wọ́n kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un, èyí sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó hàn dáadáa nínú àyẹ̀wò. Láàárín ìyẹn, kóòdù tí wọ́n jà fún náà ń lọ sí òpin rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ HMO máa ń kọ ọjọ́ tí kóòdù wọn máa kú sí i. Tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó di pé kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ìjọba ò sọ iye àkókò tí HMO gbọ́dọ̀ fi dáhùn ni?

Ìdáhùn: Wọ́n sọ ọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2025, NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ètò adójútòfò ìlera, ti pàṣẹ pé kí HMO máa dáhùn ìbéèrè fún kóòdù láàárín wákàtí kan. Àṣẹ yìí ṣe pàtàkì, ó sì yẹ kí ẹ máa dárúkọ rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Ẹ kàn mọ̀ pé ìgbà tí ìbéèrè bá dé ọ̀dọ̀ HMO ni aago bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ẹ padà wo olùkọ́ wa: láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 6, HMO ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 12, ìwé tó kù ni wọ́n ń dúró dè. Nínú ohun tí èmi ti rí láti ẹ̀yìn tábìlì HMO nílé ìwòsàn, ibi méjèèjì yìí ni ọjọ́ máa ń ṣòfò sí jù, ẹ̀bi wọn sì wà lọ́rùn àwa tí à ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Tí aláìsàn bá ń bínú sí HMO nìkan, kò ní béèrè ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ wa.

Ìbéèrè: Kí ló wá yẹ ká béèrè báyìí, kí ọjọ́ tuntun yìí má tún bọ́ sọ́nù?

Ìdáhùn: Ẹ má béèrè pé "Ṣé kóòdù ti dé?" "Rárá" ni wọ́n á ní, ẹ ò sì ní mọ ohunkóhun sí i. Ẹ béèrè ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ímeèlì tàbí ojú ewé tí wọ́n fi ránṣẹ́ náà hàn yín lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá HMO ti béèrè nǹkan padà. Ẹ̀yin fúnra yín lè pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì HMO, kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn pẹ̀lú, torí nígbà mìíràn wọ́n á sọ fún yín pé àwọn ti dáhùn láti àná, nígbà tí ilé ìwòsàn ṣì ń ní kí ẹ dúró.

Ẹ tún béèrè ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n máa ń ti orúkọ tíátà pa. Ìyẹn gan-an ni ọjọ́ tí ẹ ń bá sáré, kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Tó bá jẹ́ ọ̀sán Ọjọ́rú, kóòdù gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ Ajé, kí ààyè lè wà fún ìbéèrè kan sí i.

Tí kóòdù bá dé, ẹ ní kí wọ́n ka ohun tó wà nínú rẹ̀ síta fún yín. Mo ti rí kóòdù tó gba iṣẹ́ abẹ wọlé tí kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà síni lára, tàbí àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe fún ohun tí wọ́n bá yọ jáde. Òmíràn gbà, ṣùgbọ́n iye owó kan ni ètò náà kò gbọ́dọ̀ kọjá fún iṣẹ́ abẹ, ẹbí ni yóò sì san ìyókù. Ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ju kí ẹ gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí aláìsàn ti gbààwẹ̀ látòru. Ẹ wo ọjọ́ tí kóòdù máa kú pẹ̀lú. Tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tuntun bá ti kọjá rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n béèrè fún àfikún ọjọ́ kó tó kú.

Ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún yẹ PCV rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀la. Ẹ sọ ọjọ́ tí ó ń retí nǹkan oṣù rẹ̀ fún dókítà. Bí ó bá máa bọ́ sáàárín, dókítà lè fún un ní oògùn tó máa dín ìṣàn ẹ̀jẹ̀ kù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ.

Ìbéèrè: Ṣé a ò kúkú lè sanwó fúnra wa, ká gba owó padà lọ́wọ́ HMO tó bá yá?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé HMO ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé àwọn máa dá owó náà padà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dá owó padà fún iṣẹ́ tí kò ní kóòdù.

Pàjáwìrì nìkan ló yàtọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya débi pé ó ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí wákàtí, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí àyà rẹ̀ ń já tàbí tí kò lè mí délẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín, ì báà jẹ́ lóru. Wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ ná, kí wọ́n tó máa wá kóòdù. Ẹ pe HMO ní kété tí wọ́n bá ti gbà á wọlé, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó gbé fóònù àti àkókò tí ẹ pè sílẹ̀.