Àkáǹtì 100,000 dọ́là tí kì í ṣe 100,000 dọ́là: bí ṣáléńjì àwọn pírọ́ọ̀pù fáàmù ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìpolówó wọn wà káàkiri: san owó kékeré, ṣe ìdánwò, kí ilé-iṣẹ́ gbé àkáǹtì ńlá lé ọ lọ́wọ́, kí ẹ sì jọ pín èrè. Pírọ́ọ̀pù fáàmù ni àwọn tíréèdà, ìyẹn àwọn tó ń fi ìyípadà iye owó ọjà wá èrè lórí ẹ̀rọ, ń pe irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣáléńjì sì ni ìdánwò náà ń jẹ́ lẹ́nu wọn. FTMO, tó wà ní ìlú Prágù lórílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù, òun la ó sì kọ́kọ́ fi ṣàpẹẹrẹ.

Fún ọdún mélòó kan, 540 yúrò ni owó ìdánwò àkáǹtì 100,000 dọ́là lọ́dọ̀ wọn. Ìpele méjì ló wà nínú èyí tí a ń wí. Ní ìpele kìíní, tíréèdà gbọ́dọ̀ jèrè ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 10,000 dọ́là. Ní ìkejì, ìdá 5. Bó bá yege, ìdá 80 nínú èrè tó bá ń wọlé lẹ́yìn náà ni tirẹ̀, wọn a sì dá owó ìdánwò rẹ̀ padà nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ san èrè fún un. Títí dé ibí, kò sí ohun tó ṣòro láti lóye. Inú òfin àdánù ni ọ̀rọ̀ wà.

Òfin àkọ́kọ́ ni Max Loss. Owó inú àkáǹtì kò gbọdọ̀ já sí ìsàlẹ̀ 90,000 dọ́là láé. Nítorí náà, 10,000 dọ́là péré ni tíréèdà ní láti fi ṣàṣìṣe. 90,000 tó kù, ojú lásán ló fi ń rí i. Ẹni tó bá ń fi 100,000 ṣírò bí òwò rẹ̀ ṣe máa tóbi tó ti ń ṣírò pẹ̀lú owó tí kò sí.

Òfin kejì, Max Daily Loss, ló ń pa àkáǹtì ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ òfin kìíní dáadáa. Àdánù ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ dé 5,000 dọ́là. Balance, ìyẹn owó tó wà nílẹ̀ láìka òwò tó ṣì wà ní ṣíṣí, ni wọ́n ń wò ní agogo méjìlá òru láti mọ ibi tí ọjọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Equity ni wọ́n fi ń ṣọ́ tíréèdà látàárọ̀ dalẹ́, ìyẹn owó náà pẹ̀lú èrè tàbí àdánù òwò tí kò tíì tì. Kò dìgbà tó bá ti òwò náà kí àdánù tó di àdánù. Bí Equity bá kan ìlà, ìyẹn iye tí kò gbọdọ̀ já wálẹ̀ dé, ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré, tó sì padà sókè, àkáǹtì ti lọ nìyẹn.

Ká ní ẹnì kan gbé òwò kan sùn tó ti ń pàdánù 3,000 dọ́là, tí Balance rẹ̀ ṣì jẹ́ 100,000. Nígbà tí ọjọ́ bá yí, ìlà ọjọ́ tuntun wà ní 95,000. Ó lè rò pé òun tún ní 5,000 tuntun. Rárá o: Equity rẹ̀ jẹ́ 97,000, nítorí náà 2,000 péré ló kù fún un, àti owó tí wọ́n ń yọ lórí òwò tó bá sùn mọ́jú tún ń jẹ nínú rẹ̀. Agogo méjìlá òru yìí, ti Prágù ni. Nígbà òtútù lọ́hùn-ún, ó bá ti Èkó àti Kútọnu mu, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, agogo mọ́kànlá alẹ́ níbí ni ọjọ́ ti yí. Tíréèdà tí kò mọ̀ á máa ka àdánù agogo mọ́kànlá ààbọ̀ mọ́ ọjọ́ tó ti kọjá.

Síbẹ̀, ìlà 90,000 ti ìdánwò FTMO yìí dúró sójú kan. Ti àwọn fáàmù ọjà fíúṣọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn ọjà àdéhùn láti rà tàbí láti tà lọ́jọ́ iwájú ní iye tí a ti fohùn ṣọ̀kan lé, kì í sábà dúró. Trailing ni wọ́n ń pè é lójú ìwé wọn: ìlà náà ń gòkè tẹ̀lé owó tíréèdà, kì í sì í padà sọ̀kalẹ̀. Àkáǹtì 50,000 dọ́là tí àlàfo àárín owó rẹ̀ àti ìlà jẹ́ 2,500, tí èrè tí wọ́n ń béèrè sì jẹ́ 3,000, ni a ó fi wò ó.

Ìlà bẹ̀rẹ̀ ní 47,500. Tíréèdà ra kọ́ńtíráàtì méjì E-mini S&P 500, ìyẹn fíúṣọ̀ tó ń tẹ̀lé iye ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá 500 ní Amẹ́ríkà, tí póìǹtì kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 dọ́là. Ọjà gòkè póìǹtì 16, owó rẹ̀ lójú ẹ̀rọ sì di 51,600. Kò ti òwò náà. Ọjà yí padà, ó sì tì í nígbà tí èrè ku 200 dọ́là. Inú rẹ̀ dùn pé òun ṣì jèrè. Àmọ́ ìlà ti bá a gòkè dé 49,100, níbi tí owó ti ga jù. Owó rẹ̀ jẹ́ 50,200, àlàfo rẹ̀ sì ti di 1,100. Lọ́jọ́ kejì, ó pàdánù póìǹtì 11 lórí kọ́ńtíráàtì méjì kan náà, àkáǹtì sì kú. Bí a bá wo àpapọ̀ rẹ̀, 900 dọ́là péré ló pàdánù nínú 2,500 tó rò pé wọ́n fún òun. Èrè tí kò kó sápò ló gba ìyókù.

Ìṣirò lè fi bí èyí ṣe wúwo tó hàn. Ká ní ẹnì kan ń ṣòwò bí ẹni ń ju owó ẹyọ sókè, láìsí ọgbọ́n kankan àti láìsí owó tí wọ́n ń yọ lórí òwò. Bí ìlà bá dúró sójú kan, ó lè dé 3,000 kó tó pàdánù 2,500 ní bíi ìgbà 45 nínú 100. Bí ìlà bá ń tẹ̀lé e, ó já sí nǹkan bí 30. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi fáàmù kì í ṣe iye tí ìdánwò jẹ́. Bóyá ìlà ń rìn ni, àti bóyá òwò tó ṣì wà ní ṣíṣí ló ń gbé e rìn. Topstep ní Ṣikágò, fún àpẹẹrẹ, máa ń dúró di ìparí ọjọ́ kó tó gbé tirẹ̀ sókè, ìyẹn sì rọ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn ìdánwò, òfin mìíràn tún ń dúró. Àwọn kan kì í jẹ́ kí èrè ọjọ́ kan ṣoṣo ju ìdajì gbogbo èrè lọ. Ẹni tó jèrè 2,000 lọ́jọ́ kan nínú 3,200 kò ní rí owó gbà títí àpapọ̀ yóò fi dé 4,000, bẹ́ẹ̀ ìlà ń ṣọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tó fi ń wá 800 yẹn. Àwọn mìíràn tún ń gba owó láti ṣí àkáǹtì fún ẹni tó ti yege, tàbí kí wọ́n fòfin de títà nígbà tí ìròyìn ọrọ̀ ajé bá ń jáde.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò retí ni pé, lọ́dọ̀ púpọ̀ nínú wọn, àkáǹtì ẹni tó yege gan-an ṣì jẹ́ démò. Kò sí òwò tó dé ọjà. Owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó jèrè lè wá láti inú owó ìdánwò àwọn tó kùnà, nítorí náà bí owó ìdánwò bá dáwọ́ dúró, ìsanwó náà lè dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, CFTC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà fíúṣọ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé àwọn tó ni My Forex Funds lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn jìbìtì, wọ́n sì ti owó ilé-iṣẹ́ náà pa. Ní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù nítorí ìwà àjọ náà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti owó náà pa ni ìsanwó fún àwọn tíréèdà dúró, àti ti ẹni tó tẹ̀lé gbogbo òfin.