Bí a ṣe ń mọ̀ pé nǹkan kan ló fa òmíràn: ọ̀rọ̀ sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró

Ní ọdún 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti bi àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní ilé ìwòsàn léèrè bí wọ́n ṣe ń mu sìgá sí, wọ́n sì bi àwọn aláìsàn tí àìsàn mìíràn ń ṣe ní ìbéèrè kan náà. Nínú ọkùnrin 649 tó ní jẹjẹrẹ yìí, méjì péré ni kò mu sìgá. Nínú 649 tí kò ní in, 27 ni kò mu ún.

Ó hàn pé sìgá àti jẹjẹrẹ jọ ń rìn. Àmọ́ ẹni tó máa ń ní ìṣáná lápò náà ń kó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ju ẹni tí kò ní in lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣáná kọ́ ló ń fà á. Kí la fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀? Ní 1965, Hill to ohun mẹ́sàn-án tó yẹ ká yẹ̀ wò sílẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ sìgá.

Èyí tí kò ṣeé fò ni pé okùnfà gbọ́dọ̀ ṣáájú àìsàn. Ìwádìí 1950 kò lágbára tó níbí, torí pé ẹni tí àìsàn ti mú ni wọ́n ń bi. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n R. A. Fisher tilẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àìsàn tó ti ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ ló ń mú kí ọkàn èèyàn fà sí sìgá. Láti bọ́ lọ́wọ́ àléébù ìwádìí 1950 yìí, Doll àti Hill ti kọ̀wé sí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1951. Nǹkan bí 40,000 ló dáhùn. Wọ́n kọ bí kálukú ṣe ń mu sìgá sílẹ̀, wọ́n wá ń ṣọ́ ohun tí yóò pa oníkálukú. Ọ̀fìn kan ṣì wà níbẹ̀: àwọn kan ń jáwọ́ nínú sìgá nítorí pé ara wọn kò yá mọ́, ikú wọn á sì jẹ́ kó dà bíi pé jíjáwọ́ ló pa wọ́n. Ohun tí olùwádìí máa ń ṣe sí i ni pé kó yọ ikú ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò, kó tún ìṣirò ṣe, kó wo bóyá àbájáde yí padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ó wo bóyá ewu ń pọ̀ bí ìwọ̀n ṣe ń pọ̀. Láàárín àwọn dókítà wọ̀nyẹn, nínú 100,000 èèyàn lọ́dún, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pa nǹkan bí 7 nínú àwọn tí kì í mu sìgá, 57 nínú àwọn tó ń mu ẹyọ 1 sí 14 lójúmọ́, 139 nínú àwọn tó ń mu 15 sí 24, àti 227 nínú àwọn tó ń mu 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣòro láti rí ohun mìíràn tí yóò máa gun àkàsọ̀ yìí ní ìpele ìpele bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń mu sìgá púpọ̀ ń ṣá ìṣáná púpọ̀, nítorí náà ìṣáná náà á ní àkàsọ̀ tirẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni láti kó kìkì àwọn tó ń mu 20 lójúmọ́ jọ, ká fi àwọn tó ń lo ìṣáná wé àwọn tó ń lo láítà. Bí ewu wọn bá dọ́gba, ìṣáná ti bọ́ nínú ẹjọ́. Irọ́ náà lè ba àkàsọ̀ jẹ́: bí àwọn amusìgá bá ń sọ pé àwọn kì í mu ún, iye ikú ìsàlẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìyàtọ̀ á sì kéré lójú.

Ìkẹta ni bóyá ìwádìí oríṣiríṣi ń sọ ohun kan náà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1964, ìwádìí 29 tó bi aláìsàn léèrè àti 7 tó ṣọ́ àwọn èèyàn síwájú ló wà nílẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ka síbì kan náà. Kì í ṣe iye wọn ló ṣe pàtàkì jù bí kò ṣe pé ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀ síra: àṣìṣe tó lè wọ inú ọ̀nà kan kò lè rọrùn láti wọ inú èkejì.

Bí gbogbo ìwádìí bá ní àléébù kan náà, ìṣọ̀kan wọn kò tó nǹkan. Ìwádìí púpọ̀ ti sọ pé àwọn tó ń jẹ oúnjẹ tó ní èròjà bẹ́tà-karotíìnì, irú èyí tó wà nínú karọ́ọ̀tì àti epo pupa, kì í sábà kó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní Fínlándì, wọ́n pín ọkùnrin amusìgá 29,133 bí ẹni ṣẹ́ kèké, àwọn kan gba oògùn bẹ́tà-karotíìnì mílígíráàmù 20 lójúmọ́, àwọn yòókù kò gbà á. Nígbà tí àbájáde jáde ní 1994, jẹjẹrẹ náà fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lo oògùn náà. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí ìṣáájú sábà máa ń yàtọ̀ sí àwọn yòókù lọ́nà mìíràn pẹ̀lú, títí kan bí wọ́n ṣe ń mu sìgá sí. Kèké ló pín irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ dọ́gba sí ìhà méjèèjì.