Ìmùlẹ̀ ni, kì í ṣe àjọṣepọ̀

Mo tún rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá: ẹnìkan ń ṣàlàyé Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ní "àjọṣepọ̀" àwọn orílẹ̀-èdè ló fà á. Òmíràn kọ "aláyáǹsì", bí ẹni pé Yorùbá kò mọ bí èèyàn méjì ṣe ń bára wọn mulẹ̀. Àjọṣepọ̀ kẹ̀? Àjọṣepọ̀ ni ti ẹni méjì tó jọ ń taṣọ nínú ìsọ̀ kan. Bí wọ́n bá lu ọ̀kan lójú pópó, èkejì lè bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn kan sọ pé ọ̀rọ̀ awo ni ìmùlẹ̀, pé kò yẹ ìwé ìtàn. N ò gbà rárá. Àwọn tó mulẹ̀ a máa sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún ara wọn jáde lẹ́nu, ilẹ̀ á sì gbọ́. Ohun tí wọ́n sọ yẹn gan-an la gbọ́dọ̀ bi àwọn ìjọba ọjọ́un: kí lẹ mulẹ̀ lé lórí?

Jámánì bá Ọ́sítíríà-Họ́ngárì mulẹ̀ ní 1879, Ítálì wọ̀ ọ́ ní 1882. Rọ́ṣíà àti Faransé mu tiwọn ní 1894. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 1914, Gavrilo Princip, ọmọ ọdún 19, yìnbọn pa Franz Ferdinand, àrólé adé Ọ́sítíríà, àti Sophie ìyàwó rẹ̀ nínú mọ́tò ní Sarajevo. Ọ́sítíríà di ẹ̀bi rẹ̀ ru Sẹ́bíà, lẹ́yìn oṣù kan gééré ó sì gbógun tì í. Rọ́ṣíà kò bá Sẹ́bíà mulẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí Ọ́sítíríà jẹgàba lágbègbè náà. Ó pe ọmọ ogun rẹ̀ jọ.

Ẹ wo ọkùnrin kan tí ilé rẹ̀ wà láàárín ilé ẹni méjì tó ti mulẹ̀. Ó gbọ́ tí ará ẹ̀yìn ń pọ́n àdá. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ onítọ̀hún kò yá, ló bá ní kí òun yára lu ará iwájú ná. Ṣùgbọ́n ará iwájú ti mọ odi, ló bá gba àgbàlá aládùúgbò tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Jámánì lọkùnrin yẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ló kéde ogun fún Rọ́ṣíà, ọjọ́ 3 fún Faransé, ọjọ́ 4 ló wọ Bẹ́ljíọ̀mù. Láti 1839 ni Bìrìtéènì ti fọwọ́ síwèé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan Bẹ́ljíọ̀mù. Alẹ́ ọjọ́ náà ló wọ ìjà.

Ítálì ńkọ́? Ohun tó mulẹ̀ lé ni pé òun yóò gbèjà Ọ́sítíríà bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ nà án. Ọ́sítíríà ló sì kọ́kọ́ nawọ́. Ítálì jókòó sílé, nígbà tó di 1915 ó gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀tá Ọ́sítíríà, ó wọ ìjà. Ẹ fi "àjọṣepọ̀" ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Bí Bìrìtéènì àti Faransé ti wọ̀ ọ́, ilẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé lórí wọ̀ ọ́. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ yẹn ni àwọn Jámánì túúbá ní Kamina ní Tógò, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ba ilé wáyá wọn jẹ́. Adúláwọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gbébọn níbẹ̀, tọ̀tún-tòsì. Fún ìyẹn, n ò ní lo ìmùlẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ ni.